Fífà àti gígé: kí la ó pe báyọ́pùsì mùdùnmúdùn?

Àjọkẹ́: Ẹ̀yin ará, mò ń túmọ̀ ìwé tí aláìsàn yóò fọwọ́ sí kí wọ́n tó ṣe báyọ́pùsì mùdùnmúdùn eegun fún un, ìyẹn mímú díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ "àyẹ̀wò mùdùnmúdùn". Ṣé ó tó? Kí ló sì ń mú kí dókítà sọ pé àfi kí wọ́n ṣe é, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣeé fà lápá?

Àkànní: Ẹ̀gbọ́n, "fífa mùdùnmúdùn" ni kí ẹ kọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún eegun, wọ́n á fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde bí ẹni fa ẹ̀jẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ṣe é fún ọmọ mi nígbà tí ibà mú un tí ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Wọ́n ní kó ká ara rẹ̀ kò, wọ́n gún un lẹ́yìn, omi mímọ́ gaara ló jáde. Lọ́dọ̀ wa, mùdùnmúdùn la ń pe ohun tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn á rò pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ gún.

Àbẹ̀kẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Omi tó yí ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká ni wọ́n fà lára tiẹ̀. Ti Àjọkẹ́ yàtọ̀: ẹ̀yìn eegun ìbàdí ni wọ́n sábà máa ń gún, abẹ́rẹ́ kì í dé ọ̀pá ẹ̀yìn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ẹ sọ yẹn, mo ti rí i lójú àwọn aláìsàn.

Àkànní, ìdajì iṣẹ́ náà lo sọ. Ohun méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fa mùdùnmúdùn tó ń ṣàn díẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó sì fi awò wo ojú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ oníhò tó tóbi jù ú lọ gé ègé eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a ń fẹ́ kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 2. Ègé yìí ló ń fi bí nǹkan ṣe tò sínú eegun hàn. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ kó rọ̀ ká tó lè là á wẹ́wẹ́, ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ fi ń pẹ́ ju ti fífà lọ.

Mo ṣiṣẹ́ lórí ti ọkùnrin ẹni ọdún 62 kan. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ fún oṣù mélòó kan, ọlọ inú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa, funfun àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ká ní àìtó áyọ́ọ̀nù nìkan ni, ẹ̀jẹ̀ apá ì bá ti sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì bá fọwọ́ kan eegun rẹ̀. Wọ́n wo fítámì B12, wọ́n wo oògùn tó ń lò, kò sí àlàyé níbẹ̀. Nígbà tí a wá wo ẹ̀jẹ̀ lórí gíláàsì, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ dà bí ẹ̀kán omijé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó sì ti jáde kúrò nínú eegun. Ibẹ̀ ni dókítà ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ká wo orísun.

Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọwọ́ dókítà ni kò dá. Ègé ló sọ òótọ́: okùn àpá ti kún inú eegun náà, ó di sẹ́ẹ̀lì mú pinpin, kò sí ohun tó lè ṣàn. Bí ìwé tó fọwọ́ sí bá sọ fífà nìkan, ta ló gba àyè kí wọ́n gé e?

Àkànní: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ègé bá mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fà fún?

Àbẹ̀kẹ́: Nítorí ojú sẹ́ẹ̀lì kì í hàn dáadáa nínú ègé. Bí a bá fura sí lùkímíà, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó dá wà ló rọrùn láti kà àti láti yẹ wò. Bí fífà bá kùnà, a máa ń yí ègé tútù lórí gíláàsì kó lè fi sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kì í tó nígbà gbogbo. Àjọkẹ́, ẹ fi kún un pé abẹ́rẹ́ oògùn apàrora á pa ìrora awọ àti ojú eegun, ṣùgbọ́n aláìsàn á mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fà á. Ìrora náà mú, kì í pẹ́.

Àlàó: Ẹ ò ṣe pè é ní "ọ̀rá inú eegun", kí ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn má bàa wọlé?

Àbẹ̀kẹ́: Ọ̀rá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ là ń wá. Bí a bá kọ "ọ̀rá", aláìsàn á rò pé ọ̀rọ̀ ìsanra ni.

Àjọkẹ́: Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Fífa mùdùnmúdùn eegun ìbàdí, àti gígé ègé eegun náà." Ìlà méjì ni, ibi ìfọwọ́sí méjì. Ìyá Ìbejì, ṣé "ìbàdí" tí mo fi sí i mú ẹ̀rù yẹn kúrò?

Ìyá Ìbejì: Ó dín in kù. Èmi ṣì máa kọ "kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn" síbẹ̀.