Àbọ̀ lórí fídíò ẹja yíyan mi ní Ẹ̀pẹ́

"Báwo ni mo ṣe lè sọ ìbéèrè tí oníbàárà ń bi mí lójoojúmọ́ di fídíò kéékèèké?"

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará tí ẹ dáhùn ìbéèrè mi yìí. Nínú ìbéèrè ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kà lórí Wáàsáàpù, "Ṣé kò ní bu?" ló pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbọ́n wa kan ṣe là á sílẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀, láìkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni, mo sì ṣẹ́ ẹja náà lẹ́bàá kámẹ́rà kí wọ́n rí i pé àárín rẹ̀ gbẹ, kí n tó sọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìlànà kan náà ni mò ń tẹ̀ lé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Òótọ́ ni ìmọ̀ràn yín pé kí fídíò kúrú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 15 kò tó. 40 ló bá a mu. Ìyá aláṣọ kan ń sọ iye owó nínú fídíò tirẹ̀, àmọ́ n kì í sọ ọ́ nínú tèmi, nítorí owó ẹja ń yí padà lọ́jọọjà. Bí ẹnìkan bá wo fídíò tó sì tún béèrè, mo mọ̀ pé àlàyé mi kù díẹ̀, mo sì ń tún un yà. Ìbéèrè nípa fífi ẹja ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn ni n kò tíì rí àwòrán fún.