Àtọwọ́dá, ayédèrú àbí àfẹ̀rọṣe? Orúkọ àpẹẹrẹ tí ẹ̀rọ ṣe fún ẹ̀rọ

Olóòtú àkójọ ọ̀rọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, mo kọ "dátà àtọwọ́dá" fún àpẹẹrẹ tí ẹ̀rọ ṣe, tí wọ́n wá fi ń kọ́ mọ́dẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti inú àpẹẹrẹ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹnìkan ní "ayédèrú" ló yẹ kí n kọ. Èwo ni kí n mú? Ṣé irú dátà bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ ń ṣe mọ́dẹ̀lì lóore, àbí ṣe ló ń bà á jẹ́?

Atúmọ̀ èdè, Èkó

Ayédèrú ni, ẹ má fi orúkọ tó dùn bò ó. Iṣẹ́ mi ni láti máa tún ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe ṣe, mo sì mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ní 2024, Shumailov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn *Nature*. Wọ́n fi ohun tí mọ́dẹ̀lì kan kọ kọ́ òmíràn, wọ́n tún fi tìyẹn kọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ìsọkúsọ ló ń jáde. Kò sí oore kankan níbẹ̀.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

Dátà tí èmi mọ̀ ni èyí tí à ń rà sórí fóònù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àkọlé yìí, mo rò pé ẹnìkan ń ta ayédèrú rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ àpẹẹrẹ lẹ ní lọ́kàn, ẹ kúkú kọ "àpẹẹrẹ" kó yé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà, èmi náà máa ń ṣẹ̀dá àpẹẹrẹ: 35 ni márùndínlógójì, 45 ni márùndínláàádọ́ta. N kì í wá wọn nínú ìwé, òfin òǹkà ni mo fi ń ṣe wọ́n. Ṣé ayédèrú nìyẹn náà?

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Abẹ́òkúta

Rárá o, sà. Ohun tí ẹ ṣe yẹn, òfin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè sọ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Kọ̀ǹpútà lè fi òfin kan náà ṣe ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀, mọ́dẹ̀lì á sì jàǹfààní.

Ẹ̀gbọ́n mi atúmọ̀ èdè, ìwádìí tí ẹ dárúkọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ lẹ sọ. Èyí tó bàjẹ́ jù ni ibi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ kúrò pátápátá. Nígbà tí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sílẹ̀, ìbàjẹ́ náà kéré gan-an.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni kí n fi ṣàlàyé, torí òun ni iṣẹ́ mi. A fẹ́ kọ́ mọ́dẹ̀lì tí yóò gba Yorùbá tí kò ní àmì, tí yóò sì fi àmì sí i. Àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Mo mú gbólóhùn tí olóòtú gidi ti fi àmì sí: "Ó gbé ọkọ̀ lọ sí oko." Mo ní kí kọ̀ǹpútà bọ́ àmì rẹ̀ kúrò:

```
import unicodedata as u
def bo(s):
    return ''.join(c for c in u.normalize('NFD', s)
                   if u.category(c) != 'Mn')
```

Ohun tó jáde ni "O gbe oko lo si oko." Ìyẹn ni ìbéèrè, ẹ̀rọ ló ṣe é. Gbólóhùn olóòtú ni ìdáhùn, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Bí ìbéèrè bá tiẹ̀ wọ́, mọ́dẹ̀lì kò ní kọ́ bí a ṣe ń kọ ohun tó wọ́, torí ìdáhùn ni à ń kọ́ ọ láti kọ. Báyìí náà ni Sennrich, Haddow àti Birch ṣe ní Edinburgh ní 2016: wọ́n mú ọ̀rọ̀ Jámánì tí ènìyàn kọ, wọ́n ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀rọ ṣe ìbéèrè, Jámánì ènìyàn ni ìdáhùn. Ìtumọ̀ sí Jámánì dára sí i.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ìwé ìròyìn tí kò ní àmì ni mo kó jọ, tí mo ní kí mọ́dẹ̀lì fi àmì sí i, tí mo sì fi èyí kọ́ mọ́dẹ̀lì tuntun. Ìdáhùn ló wá di iṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí. Ẹ wo "Jagunjagun naa ju oko." Ó lè jẹ́ òkò, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀. Ká ní "ju oko" wáyé nígbà ọgọ́rùn-ún, tí àádọ́rùn-ún jẹ́ òkò, tí mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kọ̀. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú gbólóhùn tó lè tọ́ mọ́dẹ̀lì sọ́nà, èyí tó pọ̀ jù ni yóò máa mú. Gbogbo rẹ̀ á di òkò. Èyí tí a bá fi ìyẹn kọ́ kò ní rí ọ̀kọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ló ń kọ́kọ́ kú.

Máàkì àpapọ̀ kì í fi èyí hàn, torí ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n kò tó nǹkan nínú àròpọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń ka iye ìgbà tí mọ́dẹ̀lì kọ oríṣi "oko" kọ̀ọ̀kan: oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, òkò. Mo wá fi wé ìwé tí ènìyàn kọ, tí n kò fi kọ́ mọ́dẹ̀lì kankan rí. Bí ọ̀kan bá pòórá, mo máa ń fura pé ìdáhùn ẹ̀rọ ti wọ inú ohun tí wọ́n fi kọ́ mọ́dẹ̀lì náà.

Nítorí náà, mo fara mọ́ "àpẹẹrẹ" tí olùkọ́ mú wá. Èmi kò fẹ́ "àtọwọ́dá," torí ohun tí olóòtú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gan-an ni àtọwọ́dá. "Àfẹ̀rọṣe" ni mo dábàá, ká sì máa sọ ìhà wo: ìbéèrè àfẹ̀rọṣe tàbí ìdáhùn àfẹ̀rọṣe.

Oníròyìn rédíò, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ má gbàgbé wa. Ní Benin níbí, ɛ àti ɔ ni à ń kọ. Mo dán kóòdù yẹn wò lórí ìwé wa: àmì ohùn bọ́, ṣùgbọ́n ɔ dúró síbẹ̀, kò di o.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni, sà. Lẹ́tà odindi ni ɔ, kì í ṣe o tí wọ́n fi àmì sí, nítorí náà ẹ ní láti fi ìlà kan pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún rán mi létí nǹkan kan: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà láìfi àmì ohùn sí i. Bí gbogbo ìbéèrè bá jẹ́ èyí tí a bọ́ pátápátá, mọ́dẹ̀lì kò ní mọ ohun tí yóò ṣe sí ìkọ̀wé wọn. Ẹ bọ́ díẹ̀ nínú àwọn kan, kí ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ nínú àwọn mìíràn.

Atúmọ̀ èdè, Èkó

Mo gbà fún ọ lórí ìbéèrè, àbúrò, ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, ayédèrú ni mo ṣì ń pè é, torí wọ́n ń gbé e síwájú wa bíi pé ènìyàn ló kọ ọ́. Báwo lo tilẹ̀ ṣe mọ̀ pé gbólóhùn olóòtú tí o rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rọ ló fi àmì sí i?

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Abẹ́òkúta

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn, mà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ̀rọ àmì ohùn tó wọ́pọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn yẹn kò pọ̀, Bíbélì àti ìwé ẹ̀sìn ló sì kún inú wọn.

Olóòtú àkójọ ọ̀rọ̀, Ìbàdàn

Mo ti kọ "àpẹẹrẹ àfẹ̀rọṣe," pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn lábẹ́ rẹ̀. Mo fi "ayédèrú" sílẹ̀ fún ìdáhùn tí wọn kò sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ẹni tó bá ní ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n fi àmì sí dáadáa, kó jọ̀wọ́ kàn sí wa.