Ṣé dọ́là ló gbówó lórí ni, àbí èmi ni mo fi owó kún un?

Àníkẹ́ Onípàmọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo ní akáǹtì ìpamọ́ kan, dọ́là ló wà níbẹ̀. Owó abẹ́lé ni mo fi ń gbọ́ bùkátà, nítorí náà òun náà ni mo fi ń wo bí dọ́là yẹn ṣe ń rìn. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, dọ́là 1,000 ló wà níbẹ̀, dọ́là kan sì jẹ́ 100 lówó wa. Ìyẹn 100,000. Nígbà tí ọdún máa fi parí, dọ́là ti di 1,500, dọ́là kan sì ti di 120. Ó di 180,000.

Mo bá lọ bá ọkọ mi, mo ní dọ́là ti fún mi ní èrè 80,000. Ó wò mí títí, ó ní: "Ìwọ kò ha fi nǹkan kan sí i láàárín ọdún?" Ẹnu mi wọhò.

Mo fi owó sí i lẹ́ẹ̀mejì. Dọ́là 200 kọ́kọ́ wọlé, owó iṣẹ́ tí mo ṣe fún ẹnì kan ni. 110 ni dọ́là kan lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá ni mo ra 300 kún un, 125 ni dọ́là wà lọ́jọ́ yẹn, kó tó padà wálẹ̀ sí 120.

Mo lọ ṣí ṣíìtì tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ohun ìyanu. Oṣù kìíní tó yẹ kó jẹ́ 100,000 ti di 120,000! Oṣù tó ti kọjá lọ, tí mi ò fọwọ́ kàn án, ó tún ń lówó sí i. Ta ló ń fi owó síbẹ̀ fún mi?

Ọmọ Ìṣirò

Àǹtí, ẹ bá wa ya ohun tó wà nínú àpótí oṣù kìíní yẹn. Àbá mi ni pé ibì kan ṣoṣo lẹ kọ rẹ́ètì sí, gbogbo ìlà sì ń lọ mú un níbẹ̀.

Àníkẹ́ Onípàmọ́

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

```
=B2*$F$1
```

Iye dọ́là ló wà ní òpó B, F1 ni mo sì máa ń kọ rẹ́ètì tuntun sí lóṣooṣù. Èmi rò pé ọgbọ́n ni mo dá.

Ọmọ Ìṣirò

Òun ló fà á. Bí ẹ bá ti yí F1 padà, gbogbo oṣù tó ti lọ ló yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Rẹ́ètì gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní rẹ́ètì ọjọ́ tirẹ̀, ẹ ó wá kọ `=B2*C2`. Ní ti èrè, ó rọrùn: ẹ kó àwọn rẹ́ètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 100, 110 àti 125, ẹ fi 3 pín in. Ó máa fún yín ní bíi 111.67. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 120, ẹ fi dọ́là 1,500 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó jẹ́ 12,500. Èrè yín nìyẹn.

Bàbá Oníwèé-Owó

Ọmọ Ìṣirò, o gbìyànjú ní ti òpó rẹ́ètì. Ní ti èrè, o dé ẹnu ọ̀nà, o kò wọlé. Dọ́là 1,000 ló wọlé ní 100, 200 péré ló wọlé ní 110. Báwo ni ìwọ ṣe fún àwọn méjèèjì ní ipò kan náà?

Ọdún tí mo fi jókòó sídìí ìwé owó ní bánkì kò kéré kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé ibi owó tí a fi kún un ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣubú. Àníkẹ́, ọmọ mi, ṣe é báyìí. Owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, sọ ọ́ di owó abẹ́lé pẹ̀lú rẹ́ètì ọjọ́ tó wọlé, kọ ọ́ sílẹ̀, má sì padà fọwọ́ kàn án mọ́. Dọ́là 200 ní 110 jẹ́ 22,000. Dọ́là 300 ní 125 jẹ́ 37,500. Àpapọ̀ 59,500, ìyẹn ni ọwọ́ rẹ fúnra rẹ kó sínú akáǹtì náà. Owó rẹ pọ̀ sí i ní 80,000. Yọ 59,500 kúrò, ó ku 20,500. 20,500 yìí nìkan ni rẹ́ètì mú wá.

Bí o kò bá gbà mí gbọ́, wò ó láti ẹ̀yìn. Dọ́là 1,000 àkọ́kọ́ lọ láti 100 sí 120, ó jèrè 20,000. Igba dọ́là náà lọ láti 110 sí 120, ó jèrè 2,000. Èyí tó wọlé kẹ́yìn ní 125 ti já sí 120, ó pàdánù 1,500. Pa wọ́n pọ̀, 20,500 náà ni. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá bára mu, a jẹ́ pé o ti fi rẹ́ètì ọjọ́ kan sí orí owó ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ìṣirò

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti rí i. Bí mo bá pín 159,500, ìyẹn 100,000 àti 59,500, sí dọ́là 1,500, ó jẹ́ bíi 106.33 kì í ṣe 111.67. Láti ibẹ̀ sí 120, ó tún ń fún mi ní 20,500 náà. Mo jẹ̀bi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí èmi náà ra dọ́là báyìí, àbí kí n dúró kó wálẹ̀?

Bàbá Oníwèé-Owó

Ìyá Ìbejì, bí yóò ṣe rí lọ́la kọ́ là ń sọ. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ là ń kà.

Gbajúmọ̀ Ẹsẹ̀ Odò

Tèmi yàtọ̀. Èmi kò fi owó kún un, ńṣe ni mo yọ. Dọ́là 2,000 ni mo ní nígbà tó wà ní 100, ìyẹn 200,000. Mo yọ 500 jáde nígbà tó wà ní 115. Nígbà tó parí, 1,500 ló kù, rẹ́ètì sì wà ní 118, ó jẹ́ 177,000. Ó ti dín ní 23,000. Odidi oṣù kan ni mo fi ń bú dọ́là pé ó gbé owó mi lọ.

Àníkẹ́ Onípàmọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dán an wò. Owó tí ẹ yọ jẹ́ 57,500 lọ́jọ́ tí ẹ yọ ọ́. Bí a bá dá a padà sórí ìdín 23,000, ẹ jèrè 34,500. Mo tọ̀nà àbí mo ṣì í?

Bàbá Oníwèé-Owó

O tọ̀nà gan-an. Owó tó jáde dà bí owó tó wọlé, àmì rẹ̀ nìkan ló yí padà. Dọ́là 1,500 tó kù jèrè 27,000, 500 tó jáde sì ti jèrè 7,500 kó tó lọ. Gbajúmọ̀, lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dọ́là.

Arìnnà Òkè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí "rẹ́ètì ọjọ́ náà" tí Bàbá wí fi ṣe pàtàkì sí mi. Siwisalándì ni mo ń gbé, yúrò ni mo sì ń pamọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni bánkì àpapọ̀ ibẹ̀ ti sọ pé àwọn kò ní jẹ́ kí yúrò kan wálẹ̀ ju fáráǹkì 1.20 lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ṣàdédé ní àwọn kò ṣe é mọ́. Lọ́jọ́ kan náà, yúrò já kọjá fáráǹkì 1 sí ìsàlẹ̀ kó tó gbéra díẹ̀.

Ọjọ́ 13 ni mo fi yúrò 1,000 sí akáǹtì. Ó lé díẹ̀ ní 1,200 fáráǹkì. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba rẹ́ètì oṣù ni mo máa ń lò nínú ìwé mi, kí iṣẹ́ má baà pọ̀. Ìpíndọ́gba yẹn ti kó ọjọ́ tó dára mọ́ ọjọ́ tó burú. Nígbà tí mo fi ṣírò owó mi, ó dà bíi pé iye tí mo fi pamọ́ kéré ju bó ṣe rí lọ, àdánù náà sì kéré jù pẹ̀lú. Ní oṣù tí rẹ́ètì rọra ń rìn, kò séwu. Ní oṣù tó bá fò, ìpíndọ́gba ń purọ́.

Àníkẹ́ Onípàmọ́

Ibì kan ṣì ń dà mí láàmú. Dọ́là 300 tí mo rà, nínú ìròyìn 125 ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n 128 ni bánkì tà á fún mi. 38,400 ló jáde lápò mi, kì í ṣe 37,500. Èwo ni kí n kọ?

Bàbá Oníwèé-Owó

Èyí tó jáde lápò rẹ. Èrè rẹ yóò di 19,600. Bí o bá sì fẹ́ mọ òótọ́ pátápátá, rẹ́ètì tí bánkì yóò fi *rà á lọ́wọ́ rẹ* ni kí o fi ka èyí tó kù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Bí ìròyìn bá ní 120, tí wọ́n sì ń rà á ní 117, 175,500 ni owó rẹ, kì í ṣe 180,000.

Arìnnà Òkè

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi kò gbà. 900 tó lé lórí 37,500 yẹn, kì í ṣe rẹ́ètì ló mú un lọ, owó ọjà ni bánkì jẹ lára rẹ̀. Ẹ ya òpó tirẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ lo rẹ́ètì àárín, èyí tó wà láàárín iye tí bánkì fi ń rà àti iye tí wọ́n fi ń tà, fún gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá dọ́là ló já ni, tàbí bánkì ló ń jẹ yín.

Bàbá Oníwèé-Owó

Ẹni tí kò ní tà á láìpẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà lóṣooṣù, ẹ̀tàn ni rẹ́ètì àárín jẹ́ fún un. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ọdún pẹ̀lú rẹ́ètì àárín, kó parí rẹ̀ pẹ̀lú ti ìrà. Àdánù tí kò ṣẹlẹ̀ ni yóò rí níbẹ̀. Èlé tí bánkì bá sì san ní dọ́là, kó ní òpó tirẹ̀, torí kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló fi í síbẹ̀, kì í sì í ṣe rẹ́ètì.

Gbajúmọ̀ Ẹsẹ̀ Odò

Ti ọjà tó wọ́n ńkọ́? Mo jèrè 34,500 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí owó yẹn lè rà ti dínkù.

Arìnnà Òkè

Ìyẹn kò sí nínú ṣíìtì yìí rárá. Ìṣirò mìíràn ni.

Àníkẹ́ Onípàmọ́

Mo ti kọ òpó rẹ́ètì sí ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí, oṣù kìíní sì ti padà sí 100,000 rẹ̀. Mo ya 900 sọ́tọ̀, Bàbá ẹ má bínú. Mo lọ sọ fún ọkọ mi pé 80,000 ti di 20,500. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kò tíì dá mi lóhùn o. Kí n rà á ni, àbí kí n dúró?