Nígbà tí Wáífáì pòórá lẹ́yìn tí a fi Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà: ìrírí wa lórí wíwá díráfà láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì

Olùkọ́ láti Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí díráfà Wáífáì fún kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò mi obìnrin, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí wọ́n lọ ra káàdì Wáífáì mìíràn, nígbà tí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn kò ní àbùkù kankan.

Kọ̀ǹpútà náà ti ń lọ́ra jù, nítorí náà mo fi Windows 10 tuntun sórí rẹ̀ láti inú fíláàṣì. Nígbà tí ó parí, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ àyàfi Wáífáì. Mo ṣí Settings, mo lọ sí Network & Internet, n kò sì rí ọ̀rọ̀ Wi-Fi níbẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé ó wà níbẹ̀ tí ó kọ̀ láti so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Kò sí níbẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní ihò tí a lè ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, abúlé tí a wà nígbà náà sì jẹ́ ibi tí fóònù pàápàá kì í ti í rí ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpè lọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ X, mo sì yan Device Manager. Lábẹ́ Other devices ni mo ti rí Network Controller, tí àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni Code 28. Inú mi dùn sí i, nítorí ohun tí Code 28 ń sọ ni pé Windows rí káàdì náà, ṣùgbọ́n kò ní díráfà tí yóò fi lò ó. Káàdì tí ó ti kú, tàbí tí ó ti yọ kúrò ní ìjókòó rẹ̀, kì í sábà fara hàn níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Details, mo sì yan Hardware Ids láàrin àwọn ohun tí ó tò síbẹ̀. Ìlà bíi mélòó kan ló jáde. Àwọn tó wà lókè gùn jù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì kúrú. Èyí tí mo kọ sínú ìwé ni:

```
PCI\VEN_10EC&DEV_C821
```

Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé VEN ni ó ń sọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì náà, èyí tó tẹ̀lé DEV sì ń sọ irú káàdì tí ó jẹ́ gan-an. Mo ti mọ̀ pé Realtek ni 10EC, bí 8086 ṣe jẹ́ Intel tí 14E4 sì jẹ́ Broadcom.

Ibi tí mo ti rí díráfà náà ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, nítorí kò jìnnà rárá. Nígbà tí mo ń fi Windows tuntun yìí sí i, n kò fọ́ọ̀mátì apá tí Windows àtijọ́ wà lórí dísìkì, torí náà Windows kó èyí àtijọ́ sínú fódà kan tí ó ń jẹ́ Windows.old. Wáífáì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows àtijọ́ náà, ìyẹn ni pé díráfà rẹ̀ ṣì wà nínú fódà yẹn. Mo padà sí Network Controller, mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, mo yan Update driver, lẹ́yìn náà Browse my computer for drivers, mo sì tẹ ọ̀nà yìí síbẹ̀:

```
C:\Windows.old\Windows\System32\DriverStore\FileRepository
```

Mo rí i dájú pé àmì wà nínú àpótí Include subfolders, nítorí pé fódà tó wà nínú FileRepository pọ̀ lọ jàra, ẹnikẹ́ni kò sì lè máa wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Windows fúnra rẹ̀ ni ó fi nọ́ńbà káàdì náà wá èyí tí ó bá a mu. Kò pẹ́ rárá tí orúkọ Realtek fi jáde, tí àmì Wáífáì sì hàn ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó ṣe é o. Windows máa ń pa Windows.old rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọmọ Àkúrẹ́

Olùkọ́, ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí fún gbogbo wàhálà yìí. Fóònù Android mi ni mo máa ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, màá tan USB tethering, kọ̀ǹpútà á sì rí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Windows Update yóò wá díráfà náà fúnra rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí èyí kò lè yanjú.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní Ìbàdàn

Àbúrò mi, ọ̀nà tí o sọ yìí dára, èmi náà sì máa ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ń yanjú. Àkọ́kọ́, olùkọ́ ti sọ fún wa pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dátà kò sí níbi tí wọ́n wà, fóònù kò sì lè pín ohun tí kò ní. Èkejì, okùn tí ó ń gba iná nìkan sára fóònù pọ̀ lọ́jà; bí o bá so irú rẹ̀, àṣàyàn USB tethering kò ní ṣeé tàn rárá. Ẹ̀kẹta, bí Windows bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe díráfà nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbà sílẹ̀. Àwọn àtúnṣe ńlá yóò tẹ̀lé e, dátà rẹ yóò sì tán. Bí o bá sì tan Metered connection láti fi dá a dúró, ó lè kọ̀ láti gba díráfà pàápàá.

Ní ti ohun tí olùkọ́ ṣe, n kò ní àtúnṣe kankan fún un, àfikún ni mo ní. Bí ẹni tó fi Windows sí i bá ti fọ́ọ̀mátì dísìkì, kò sí Windows.old mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á lọ sí ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà, wọ́n á tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á sì bá díráfà Wáífáì mẹ́ta níbẹ̀: ọ̀kan fún Intel, ọ̀kan fún Realtek, ọ̀kan fún MediaTek. Kọ̀ǹpútà tí orúkọ wọn jọ ara wọn kì í fi gbogbo ìgbà ní káàdì kan náà nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. C821 tí olùkọ́ rí, RTL8821CE ni, díráfà ti Intel kò sì lè ṣe é ní ohunkóhun.

Bí mo bá ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́, mo máa ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn lọ sí catalog.update.microsoft.com, mo sì máa ń tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí. Èmi a mú èyí tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ wa jù lára àwọn tí a kọ Windows 10 sí, n ó sì rí i pé èyí tó wà fún 64-bit ni mo mú bí Windows náà bá jẹ́ 64-bit. Fáìlì tó bá jáde yóò parí pẹ̀lú .cab, kò sì ṣeé tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí a ti ń tẹ fáìlì .exe, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń rò pé fáìlì náà ti bàjẹ́. Mo máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà sí wifi.cab, n ó gbé e sórí fíláàṣì, n ó ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, n ó sì tẹ èyí, bí fíláàṣì náà bá jẹ́ D:

```
mkdir C:\wifi
expand -F:* D:\wifi.cab C:\wifi
pnputil /add-driver C:\wifi\*.inf /subdirs /install
```

Ẹni tí Wáífáì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń gbèrò láti fọ́ọ̀mátì, kò nílò gbogbo èyí bí ó bá kọ́kọ́ dá fódà kan tí ó ń jẹ́ dirafa sórí fíláàṣì, tí ó sì kó gbogbo díráfà rẹ̀ síbẹ̀:

```
pnputil /export-driver * D:\dirafa
```

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìfẹ̀

Ẹ káàsán o. Ubuntu ni mo fi sórí tèmi, kì í ṣe Windows, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jọra. Àṣẹ yìí ni mo fi ka nọ́ńbà náà:

```
lspci -nn | grep -i network
```

Ó fún mi ní 14e4:4365, èyí tí í ṣe BCM43142 ti Broadcom. Lórí fíláàṣì tí mo fi Ubuntu sí i gan-an ni mo ti rí díráfà náà, nínú fódà pool/restricted/b/bcmwl, bẹ́ẹ̀ ni dkms tí ó nílò wà nínú pool/main/d/dkms. Mo fi `sudo dpkg -i` gbé wọn sí i. Kọ̀ǹpútà mi ní Secure Boot, nítorí náà ó ní kí n dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan sílẹ̀, ó sì béèrè rẹ̀ lójú aláwọ̀ búlúù kan nígbà tí kọ̀ǹpútà tún tan. Ẹni tí ó bá yára kọjá lójú yẹn yóò rí i pé díráfà náà kò ní ṣiṣẹ́.

Oníṣòwò ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin ará, tèmi náà rí bẹ́ẹ̀. Wáífáì mi ń so mọ́ ráútà, ó ń kọ No internet, mi ò sì lè ṣí ohunkóhun. Ṣé kí n wá Windows.old náà ni?

Olùkọ́ láti Ṣakí

Rárá o, màmá. Bí kọ̀ǹpútà yín bá lè rí ráútà tí ó sì so mọ́ ọn, díráfà yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi fóònù yín so mọ́ ráútà kan náà kí ẹ wò ó; bí fóònù náà kò bá ṣí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí dátà ráútà ti tán.

Ará Kútọ̀nú

Windows 11 ni tèmi, n kò sì tíì dé ibi tí mo ti lè ṣí Device Manager. Ojú tí ó ti ní kí n yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó dúró sí, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan níbẹ̀ láti yàn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní Ìbàdàn

Ẹ tẹ Shift pọ̀ mọ́ F10 lójú yẹn. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ẹ ní láti fi Fn kún un. Ojú dúdú kan yóò ṣí. Ẹ tẹ:

```
pnputil /enum-devices /problem
```

Ẹ óò rí VEN àti DEV nínú ìlà Instance ID. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ẹ wá díráfà náà bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, kí ẹ sì lo àwọn àṣẹ mẹ́ta yẹn níbẹ̀ gan-an. Bí díráfà náà bá bá a mu, orúkọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò jáde lójú tí ẹ wà.

Ará Kútọ̀nú

Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. MediaTek ni, 14C3 ni ó kọ. Pnputil sọ pé òun ti gba díráfà náà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jáde. Nígbà tí mo tún tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn, Code 10 ni ó wà níbẹ̀ báyìí, kì í ṣe 28 mọ́.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Díráfà ti wà, ṣùgbọ́n káàdì náà kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi `shutdown /s /t 0` pa á pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì di bọ́tìnnì ìtanná mú fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó tún tàn án. Bí kò bá yí padà, ẹ padà sí ojúlé kan náà, kí ẹ gba díráfà tí ó pẹ́ díẹ̀ ju èyí tí ẹ mú lọ.

Ará Kútọ̀nú

Mo ti pa á bí ẹ ṣe wí. Ó ṣì ń kọ Code 10. Mo ń gba èyí tí ó pẹ́ jù ú lọ sílẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Bí ẹnìkan níbí bá ti rí Code 10 lórí MediaTek rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ ọdún tí díráfà tí ó ṣiṣẹ́ fún un jáde.