READY kì í tàn láàárọ̀: bátìrì wo ni kí n pààrọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ háíbíríìdì. Nínú ọkọ̀ epo tí mo ń wà tẹ́lẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti tan. Èyí kì í sábà dún. READY aláwọ̀ ewé lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń sọ pé ó ti tó rìn.

Láàárọ̀ báyìí, READY kì í yọjú. Oríṣiríṣi iná ìkìlọ̀ á tàn pọ̀, onígun mẹ́ta pupa á wà láàárín wọn. Bí a bá fi wáyà fa iná láti ara ọkọ̀ mìíràn, READY á tàn, ọkọ̀ á sì rìn dáadáa títí di alẹ́.

Mẹkáníìkì ní bátìrì ńlá ló ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, P0A80, kódù tó máa ń tọ́ka sí bátìrì ńlá, kò jáde. Mo wá fi mítà wọn bátìrì kékeré kí n tó tan ọkọ̀: 11.6 fólítì, nígbà tó yẹ kó sún mọ́ 12.6. Bátìrì kékeré yìí ló sì ń jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ kékeré kí n tó gbà kí wọ́n tú ńlá? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.