Ọ̀dà ń ṣí lára ṣẹ́rẹ́ onígi tí ọmọ mi ń gé jẹ

Ìyá Tiwa: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ti pé oṣù méje, kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà tí kì í kì bọ ẹnu. Wọ́n fún wa ní ṣẹ́rẹ́ onígi kan tí àwọn ọmọ mìíràn ti lò rí. Pupa àti ìyeyè ni wọ́n kùn ún. Ibi tó máa ń gé jẹ gan-an ni ọ̀dà ti ń ṣí. Mo rí èérún pupa lórí ètè rẹ̀ lánàá. Mo tún ní fídà ike kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, nọ́ńbà 7 ló wà ní ìdí rẹ̀, àti ṣíbí sílíkónì. Èwo ni kí n kó dànù?

Màmá Ìbejì: Sílíkónì ló dáa jù. Ẹ lọ́ ṣíbí yẹn pọ̀. Tó bá funfun níbi tí ẹ ti lọ́ ọ, wọ́n ti lú u. Ṣẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fi sáńdípépà ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ó parí.

Bàbá Dámọ́lá: Màmá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ha á rárá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, igi ni mo fi ń ṣe ohun ìṣeré. Bí òjé bá wà nínú ọ̀dà yẹn, eruku rẹ̀ á fọ́n ká ilẹ̀ tí ọmọ ń rá, ìyẹn sì burú ju èérún lọ. Ojú kì í rí òjé, imú kì í gbọ́ ọ, ọ̀dà pupa àti ìyeyè àtijọ́ sì máa ń ní in. Ní Amẹ́ríkà, láti 2009, òjé inú ọ̀dà ohun ìṣeré kò gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n a ò mọ ìgbà tí wọ́n ṣe tiyín. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ ti jẹ èérún rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá òjé wà níbẹ̀.

Ìyá Ọlá: Orí fídà sílíkónì tèmi ń rùn ọṣẹ, ọmọ kọ̀ ọ́. Ṣé òjé náà nìyẹn?

Bàbá Dámọ́lá: Rárá o. Sílíkónì máa ń fa òróró àti òórùn ọṣẹ mọ́ra. Ẹ sè é nínú omi lásán. Tí ojú eyín bá ti hàn lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ó lè já sí ọmọ lọ́fun. Ní ti lílọ́, sílíkónì tó dáa náà lè funfun díẹ̀, kò tó ẹ̀rí.

Ìyá Tiwa: Fídà náà ńkọ́?

Bàbá Dámọ́lá: Nọ́ńbà 7 kì í ṣe orúkọ ike kan. Ike tí kò bọ́ sí 1 sí 6 ni wọ́n kó síbẹ̀. Políkábónétì wà lára wọn, òun ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní BPA máa ń ti inú rẹ̀ jáde, pàápàá bí omi gbígbóná bá wọ̀ ọ́. Yúróòpù ti fòfin dè é nínú fídà láti 2011. Tí wọn ò bá kọ ọ́ pé kò ní BPA, ẹ lo nọ́ńbà 5. Èyí kì í mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó sì ń gba ooru dáadáa.

Màmá Ìbejì: Mo ti gbọ́. Àmọ́ nọ́ńbà 5 náà, mo gbọ́ pé ó ń tú èérún wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná.

Bàbá Dámọ́lá: Òótọ́ ni. Ohun tó ń ṣe nínú ara ọmọ kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán. Èmi ń po mílíìkì sínú ife gíláàsì, kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo tó ń dà á sínú fídà.

Ìyá Tiwa: Ṣẹ́rẹ́ ti wà nínú ọ̀rá. Fídà ò sì sọ nǹkan kan nípa BPA, mo ń lọ ra onígíláàsì.