Ọ̀wọ́n-gógó àbí ìyára ọ̀wọ́n: kí ni ìlà tó ń wálẹ̀ ń sọ?

Olùkọ́ girama, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó bójú mu ká máa pe infiléṣọ̀n ní "ọ̀wọ́n-gógó"? Àwọn ọmọ mi rí gíráàfù kan nínú ìbéèrè ọrọ̀-ajé àtẹ̀yìnwá, ìlà rẹ̀ ń wálẹ̀, gbogbo wọn sì kọ ọ́ pé ọjà ti wálẹ̀.

Olùkọ́ ọrọ̀-ajé tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà: Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ṣì wọ́n lọ́nà. "Ọ̀wọ́n-gógó" ń sọ bí ọjà ṣe wọ́n tó. Ohun tí wọ́n yà sínú gíráàfù yín ni bí ọjà ṣe ń yára wọ́n sí i. Ọmọ tó fi ọ̀wọ́n-gógó sọ́kàn, tó wá rí ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó kọ pé ọ̀wọ́n ti ń lọ? "Ìyára ọ̀wọ́n" ni èmi ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ kékeré kan wò ó. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Ọdún kìíní 20, ọdún kejì 15, ọdún kẹta 8. Orí àtẹ kọ ọ́ pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, lórí iye owó ọdún tó ṣáájú. Ká ní 1,000 náírà la ń ra nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀. 20 gbé e dé 1,200. 15 tó tẹ̀lé e, orí 1,200 la ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí 1,000, ó di 1,380. 8 gbé e dé 1,490 náírà àti 40 kọ́bọ̀. Ìlà tó so 20, 15 àti 8 pọ̀ ń wálẹ̀, owó tó ń jáde lápò sì ń gòkè.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo á fi bébà bo ìlà náà pátápátá. Àkọlé, òòró àti ìbú nìkan ni ọmọ máa kà. Á wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòró pé: "náírà mélòó ló gun orí ọgọ́rùn-ún náírà ti èṣí?" Ìgbà tó bá kọ ọ́ tán la tó ṣí bébà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ "gun orí", kò ní sọ pé ọjà wálẹ̀ mọ́.

Òǹtúmọ̀, Ilé-Ifẹ̀: Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀wọ́n-gógó ni rédíò ń lò, ó ti mọ́ ará ìlú létí. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà tó bá sì ń wálẹ̀ láìdúró, ṣebí ọjà á padà rọ̀ lọ́jọ́ kan?

Olùkọ́ ọrọ̀-ajé, Iléṣà: Ti rédíò yẹn, mi ò jà. Ti ìkejì, ó dìgbà tí ìlà bá ré òdo kọjá lọ sísàlẹ̀. 8 ṣì wà lókè òdo. Ẹ wo ibi tí òòró ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa: àwọn gíráàfù kan ń bẹ̀rẹ̀ láti 5, ìlà á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀, ọmọ á ní ó ti di òdo.

Ìyá oníṣòwò, Iléṣà: Èmi ń ta gààrí lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà o. Gààrí mi wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìkórè, ojú mi ló ṣe. Ṣé gíráàfù yín ń parọ́ ni?

Olùkọ́ ọrọ̀-ajé, Iléṣà: Rárá, ìyá wa. Gààrí nìkan kọ́ ni wọ́n kó jọ. Oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, aṣọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú agbọ̀n kan náà. Gààrí lè wálẹ̀ kí agbọ̀n náà ṣì máa gòkè.

Olùkọ́ jọ́gíráfì, Iléṣà: Lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Ìwọ̀n ìbísí ènìyàn á kúrò ní 3 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí 2, ọmọ á kọ ọ́ pé èrò ìlú ti dín kù. Mo fara mọ́ "ìyára".

Olùkọ́ girama, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ńkọ́? Oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, Oṣù Kìíní 2025 bọ́ sí 24.48. Ṣé ìyára lè já bọ́ tó báyẹn láàárín oṣù kan?

Olùkọ́ ọrọ̀-ajé, Iléṣà: Àjọ ìṣirò ìjọba ló pààrọ̀ ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi owó ọjà wé, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n náà tò. Òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a kì í fi ìlà kan so wọ́n pọ̀. Ọmọ tó bá rí irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lábẹ́ àtẹ.

Òǹtúmọ̀, Ilé-Ifẹ̀: Ó yé mi wàyí pé ọ̀wọ́n-gógó kò tó. Síbẹ̀, ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ni mo mọ ìyára mọ́. "Ìwọ̀n ìgbówólérí" ńkọ́?

Olùkọ́ jọ́gíráfì, Iléṣà: Ó gùn jù lẹ́nu ọmọ. Tí ìwọ̀n ìgbówólérí bá sì dín kù, ṣé wọn ò tún ní sọ pé owó ló dín kù?